Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ̀wé sí Ọ̀gá Yín Láti Bọ́ sí Ẹ̀ka Mìíràn Nínú Ilé-iṣẹ́ Kan Náà

Ìwé tí òṣìṣẹ́ fi ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá rọrùn láti kọ ju èyí tí ó fi ń béèrè pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka mìíràn lọ. Ẹni tí ó fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ti lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yí ẹ̀ka padà yóò ṣì máa bá ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ pàdé ní ẹnu ọ̀nà, ó lè nílò ìbuwọ́lù rẹ̀ kí ó tó lè kúrò, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá náà bá sì sọ nípa rẹ̀ ni ẹ̀ka tuntun yóò kọ́kọ́ gbà gbọ́. Mo ti jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka fún ọdún mélòó kan, mo sì ti gba irú ìwé yìí lọ́wọ́ àwọn tí mo ń ṣọ́. Ìbéèrè méjì ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá ń kà á: kí ni mo fi ṣẹ ẹni yìí, àti ta ni yóò máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó bá lọ? Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń fi gbogbo ìwé wọn dáhùn ìbéèrè kìíní, wọn kì í sì í kan èkejì rárá, bẹ́ẹ̀ èkejì yẹn gan-an ni ó ń mú kí ìwé wọn pẹ́ lórí tábìlì ọ̀gá.

Àpẹẹrẹ kan ni a ó tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé obìnrin kan wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa yẹ ìwé owó tí àwọn tí ń kó ọjà wá fún ilé-iṣẹ́ ń mú wá wò, kí ó fi wọ́n wéra pẹ̀lú ìwé àṣẹ ọjà tí ilé-iṣẹ́ fi ra ọjà náà, kí ó tó fi wọ́n ránṣẹ́ fún sísan. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún 2 àti oṣù 4. Àyè kan ti ṣí ní ẹ̀ka ìràjà, ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ni wọn yóò sì ti ìlẹ̀kùn ìbéèrè pa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ìwé òfin òṣìṣẹ́ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní òfin nípa yíyí ẹ̀ka padà, ohun mẹ́ta ni ẹ sì gbọ́dọ̀ wá nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni iye oṣù tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ lò ní ipò tí ó wà kí ó tó lè béèrè fún òmíràn. Àwọn mìíràn sọ ọ́ di oṣù 6, àwọn mìíràn oṣù 12, àwọn kan sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni bóyá ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ tó béèrè fún ipò náà, tàbí ó kàn yẹ kí ó mọ̀ sí i kí wọ́n tó pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí òun ni yóò sọ bóyá ìyọ̀ǹda ni ìwé yín ń tọrọ tàbí ó kàn ń jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ sí i. Ẹ̀kẹta ni àwọn ohun tí ó lè dí yín lọ́wọ́, bí ẹ̀sùn tí wọn kò tíì parí tàbí àyẹ̀wò iṣẹ́ ọdọọdún tí kò dára tó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kàn yín, ìwé tí ó dára jù lọ kò lè gbé e kúrò, ó sì sàn kí ẹ dúró.

Ó máa ń wu ènìyàn láti kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka tuntun, kí ó lè mọ̀ bóyá wọn yóò gba òun. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ka máa ń jókòó pọ̀ ní ìpàdé, ọ̀rọ̀ sì máa ń bọ́ lẹ́nu. Nígbà kan, ẹgbẹ́ mi tí ó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka mìíràn ni ó fi ẹ̀rín sọ fún mi pé òṣìṣẹ́ mi kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun, nígbà tí òṣìṣẹ́ náà kò tíì sọ ohunkóhun létí mi. Nígbà tí ìwé rẹ̀ wá dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, síbẹ̀ mo kà á bí ẹni tí wọ́n ti kọjá lójú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe rí, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín tí ó wà níbẹ̀, kí ìbéèrè yín sì dúró lórí iṣẹ́ náà nìkan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ẹnu sọ ọ́ kí ẹ tó fi ọwọ́ kọ ọ́

Ìwé kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ọ̀gá yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ tọrọ ìṣẹ́jú 15 lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta: «Mo rí i pé àyè ṣí ní ẹ̀ka ìràjà, mo sì fẹ́ béèrè fún un. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Mo máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bí mo ṣe rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣe lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.» Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́ kí ó sọ tirẹ̀. Bí ibi tí ọ̀gá wà bá jìnnà sí tiyín, ẹ pè é lórí fóònù; ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ rọ́pò ohùn. Ọjọ́ kejì ni kí ìwé tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀ tó tutù, kí ọ̀gá sì lè rí ohun tí yóò fi han ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́.

Ọjọ́ tí ẹ yàn ṣe pàtàkì gan-an. Ní ẹ̀ka ìṣirò owó, ọjọ́ díẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn oṣù àti ọjọ́ iṣẹ́ díẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ oṣù tuntun ni wọ́n fi ń ti ìwé ìṣirò oṣù pa, kò sì sí ọ̀gá tí ojú rẹ̀ máa ń rọ ní àkókò yẹn. Nítorí náà, ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ni òṣìṣẹ́ inú àpẹẹrẹ wa lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó sì fi ìwé ránṣẹ́ ní ọjọ́ 12. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní àkókò ìnira tirẹ̀, ẹ sì ti mọ ti ẹ̀ka yín. Ẹ má sì mú ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìpàdé tí wọ́n ti ń jíròrò owó oṣù yín, nítorí yóò dà bí ẹni pé ẹ ń fi lílọ ná ọjà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ìdí tí ó ti inú iṣẹ́ jáde

Bí a bá ní kí òṣìṣẹ́ sọ ìdí tí ó fi fẹ́ lọ, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí i lẹ́nu ni ohun tí ó ń lé e: «Iṣẹ́ yìí ti sú mi», «Mi ò rí ìlọsíwájú níbí», «Ohun kan náà ni mo ń ṣe lójoojúmọ́». Ó lè jẹ́ òótọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó bá kà á yóò gbọ́ ọ bí ẹ̀sùn, yóò sì fi ìdáhùn rẹ̀ gbèjà ara rẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka tuntun náà lè rí ìwé yẹn, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ tí ó kàn ń sá fún ibi tí ó wà.

Ìdí tí ó lágbára ni èyí tí ó fi hàn pé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ ni ó ṣí yín lójú sí iṣẹ́ tí ẹ ń lọ ṣe. Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ wa kọ́kọ́ kọ ni pé òun «nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ ìràjà gidigidi», gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni lè kọ nípa ẹ̀ka èyíkéyìí. Nígbà tí ó wá ronú dáadáa, ó rántí àwọn ìwé owó tí òun ń dá padà. Ó ṣí fáìlì oṣù Kẹsàn-án, ó kà wọ́n: 37 ni gbogbo wọn. Ó yẹ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé 22 nínú wọn ni wọ́n dá padà nítorí pé iye tí ẹ̀ka ìràjà kọ sínú ìwé àṣẹ ọjà yàtọ̀ sí iye tí wọ́n bá olùtajà ṣàdéhùn. Òun ni ó ń bá àṣìṣe náà pàdé ní ìparí, nígbà tí olùtajà ti ń pariwo owó rẹ̀. Ó fẹ́ lọ sí ibi tí àṣìṣe náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn, kò sì sí ọ̀gá ìṣirò owó tí yóò gbọ́ ọ kí ó má gbà pé òótọ́ ni, nítorí ìnira ẹ̀ka tirẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra bí ẹ ṣe ń sọ ọ́, kí ó má baà dà bí ẹni pé ẹ ń fi ẹ̀ka tí ẹ ń lọ sùn.

Bí ó bá jẹ́ pé ìyà tí ọ̀gá fi ń jẹ yín ni ó ń lé yín lọ lóòótọ́, ìwé yìí kọ́ ni ó yẹ kí ẹ fi sọ ọ́. Ìyẹn ní ìwé tirẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sì ni ó ń lọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àìlera tàbí ti ẹbí, gbólóhùn kan tó. Ẹ kò jẹ ọ̀gá ní gbèsè kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣètò bí iṣẹ́ yóò ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn

Ibi tí ó yẹ kí ẹ ti lo àkókò jù nìyí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ti ń dáhùn ìbéèrè kejì tí ọ̀gá ń bi ara rẹ̀. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe lójúmọ́, lọ́sẹ̀ àti lóṣù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá fa ìlà sábẹ́ àwọn tí ó jẹ́ pé orí yín nìkan ni wọ́n wà, tí kò sí nínú fáìlì kankan. Òṣìṣẹ́ wa rí mẹ́ta: olùtajà kan tí ó máa ń fi ìwé owó kan ránṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tí ó fi lè dà bí ẹni pé ó béèrè owó lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn tí ẹ̀dínwó rẹ̀ kì í hàn nínú ìwé, tí wọn kì í sì í rí i gbà àyàfi bí wọ́n bá san owó rẹ̀ láàárín ọjọ́ 10, àti tábìlì tí òun fúnra rẹ̀ ṣe sórí kọ̀ǹpútà láti máa tọ ipasẹ̀ àwọn ìwé tí wọ́n dá padà. Irú nǹkan wọ̀nyí ni ó máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn tí ènìyàn bá lọ, àwọn náà sì ni ọ̀gá ń bẹ̀rù láìlè dárúkọ wọn. Nígbà tí ó bá rí i pé ẹ ti dárúkọ wọn, àyà rẹ̀ yóò balẹ̀.

Ẹ wá fi ọjọ́ sí i. «Láìpẹ́» àti «nígbàkúgbà tí ó bá rọrùn» kò ran ọ̀gá lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ wa kọ́kọ́ fẹ́ kọ ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá nítorí pé ó mọ́ lójú, ṣùgbọ́n àárín títi ìwé ìṣirò oṣù Kọkànlá pa ni ọjọ́ yẹn bọ́ sí. Ó sún un sí ọjọ́ 8. Èrè rẹ̀ ni pé ìṣirò oṣù méjì yóò wà láàárín: ti oṣù Kẹwàá, òun yóò ṣe é kí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ máa wò ó, ti oṣù Kọkànlá, ẹni náà yóò ṣe é kí òun máa wò ó. Ìṣirò kejì yìí ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí nígbà tí ẹlòmíràn bá ń ṣe é ni ẹ ó tó mọ ohun tí ẹ gbàgbé láti kọ sílẹ̀.

Ẹ má yan ẹni tí yóò rọ́pò yín fún ọ̀gá. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, ẹlẹgbẹ́ yín náà sì lè má fẹ́ kí ẹ dárúkọ òun. Bí ẹ bá fẹ́ ṣèlérí ìrànlọ́wọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ, ẹ fi òdiwọ̀n sí i, bí wákàtí 2 lọ́sẹ̀ fún oṣù kan. Ẹni tí ó ṣèlérí pé «ẹ lè pè mí nígbàkúgbà» máa ń rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé iṣẹ́ ẹ̀ka méjì ni òun ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwé náà fúnra rẹ̀

Kí ó má gùn ju ohun tí ọ̀gá lè kà tán ní ìṣẹ́jú méjì lọ. Kí ìbéèrè yín wà ní ìpínrọ̀ kìíní, nítorí ọ̀gá tí ó bá ń ka ìpínrọ̀ ọpẹ́ gígùn yóò máa rò pé ẹ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá ni. Ímeèlì tí òṣìṣẹ́ wa fi ránṣẹ́ rèé:

> Àkọlé: Ìbéèrè láti bọ́ sí ẹ̀ka ìràjà
>
> Ẹ kú iṣẹ́, mà.
>
> Ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láyè láti bá yín sọ̀rọ̀ lánàá. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ, mo ń tọrọ ìfọwọ́sí yín láti béèrè fún àyè tí ó ṣí ní ẹ̀ka ìràjà, èyí tí wọn yóò ti ìbéèrè rẹ̀ pa ní ọjọ́ 28 oṣù yìí.
>
> Ìwé owó 37 ni a dá padà ní oṣù Kẹsàn-án. Mo yẹ wọ́n wò, mo sì rí i pé 22 nínú wọn ni iye tí ó wà nínú ìwé àṣẹ ọjà kò bá àdéhùn mu. Ohun tí mo kọ́ lábẹ́ yín nípa yíyẹ ìwé owó wò ni mo fẹ́ lọ lò níbi tí a ti ń kọ ìwé àṣẹ ọjà, kí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè dín kù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.
>
> Mo mọ̀ pé ẹ̀ka kò gbọdọ̀ fara gbọgbẹ́ nítorí lílọ mi. Bí wọ́n bá gbà mí, mo dábàá pé kí n kúrò ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá. Èmi yóò ṣe ìṣirò oṣù Kẹwàá pẹ̀lú ẹni tí ẹ bá yàn, ẹni náà yóò sì ṣe ti oṣù Kọkànlá níṣojú mi. Mo ti kọ gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀ nínú fáìlì tí mo so mọ́ ìwé yìí, títí kan ohun mẹ́ta tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bá lọ, mo lè yọ̀ǹda wákàtí 2 lọ́sẹ̀ fún oṣù kan láti dáhùn ìbéèrè.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yan ìṣẹ́jú 20 ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kí a lè jọ wo ètò yìí. Bí ọjọ́ tí mo dábàá kò bá bá ẹ̀ka lára mu, mo ṣetán láti sún un.
>
> Ẹ ṣeun, mà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò béèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìpàdé ni ó béèrè. Ọ̀gá tí wọ́n bá fipá mú láti dáhùn kíákíá máa ń yan «rárá», nítorí òun ni kò ní ewu. Kò sọ ọ̀rọ̀ owó oṣù, kò sì sọ pé bí wọn kò bá gbà, òun yóò fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Gbólóhùn ìhalẹ̀ yẹn lè mú kí wọ́n gbà fún yín lónìí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ ni wọn yóò ti máa kà yín mọ́ àwọn tí ń lọ.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ wo àyè `Cc` lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ó ṣófo. Bí ẹ bá fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀ka tuntun tàbí ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ yìí, ọ̀gá yín yóò rò pé ẹ ń pe ẹlẹ́rìí sí òun, àyàfi bí òfin ilé-iṣẹ́ yín bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà kọ̀ǹpútà kankan sínú fáìlì tí ẹ so mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́

Bí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún bá kọjá láìsí ìdáhùn, ẹ kọ gbólóhùn méjì sábẹ́ ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ rán an létí ọjọ́ tí wọn yóò ti ìbéèrè pa. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ìkọ̀sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀gá ń wá ẹni tí yóò rọ́pò yín kí ó tó ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Ìdáhùn tí ó ṣòro jù ni «kò tíì tó àkókò», nítorí ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ ọ̀nà láti má dáhùn títí láé. Ohun tí ó ń fi ìyàtọ̀ hàn ni ìbéèrè méjì: kí ni ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí àkókò tó tó, ìgbà wo ni a ó sì tún jọ sọ ọ́? Ọ̀gá tí ó ń sọ òótọ́ yóò rí nǹkan dáhùn, bí pé kí wọ́n gba ẹlòmíràn sí ẹ̀ka ná. Lẹ́yìn ìpàdé náà, ẹ kọ ohun tí ẹ jọ sọ ránṣẹ́ sí i ní gbólóhùn díẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó dá. Bí ọjọ́ náà bá dé tí wọ́n tún sún un láìsí ìdí, ẹ lè sọ fún un ní tààràtà pé ẹ fẹ́ béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kí ẹ tó lọ. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe bí ó bá sọ pé rárá tí kò sì sọ ìdí.

Bí ọ̀gá bá gbà, ìyẹn kò tíì túmọ̀ sí pé ẹ̀ka ìràjà ti gbà yín. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣì wà níwájú, wọ́n sì lè yan ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín. Nígbà tí wọ́n bá yàn yín, ẹ béèrè lẹ́tà láti ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kí ẹ sì kà á dáadáa: ọjọ́ tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ipò àti owó oṣù yín, bóyá àkókò ìdánwò tuntun wà, àti bóyá ọjọ́ ìsinmi ọdọọdún tí ẹ kò tíì lò yóò bá yín lọ. Ọ̀rọ̀ ìsinmi yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, pàápàá bí ẹ bá ti gba ìyọ̀ǹda ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀gá àtijọ́ fún oṣù tí ẹ ó ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun. Ẹ sọ ọ́ fún ọ̀gá tuntun kí ẹ tó buwọ́ lu lẹ́tà náà.